Àwòrán Tó Ń Pa Fóònù Kan, Tó Ń Dá Òmíràn Sí

Ní ọdún 2020, àwòrán adágún kan ní Montana, Amẹ́ríkà, dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ṣe àwòrán ojú fóònù rẹ̀ lè rí i kí fóònù náà máa kú, kó máa jí, láìdúró. Ó ṣẹlẹ̀ sí Pixel àti àwọn Samsung kan, àwọn fóònù mìíràn kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Nígbà tí ètò orí fóònù bá dákú, ó máa ń kọ ìròyìn ikú rẹ̀ sílẹ̀. Ìlà tó jẹ́ kókó nínú ti èyí ni:

```
ArrayIndexOutOfBoundsException: length=256; index=256
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yàrá 256 wà, nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 255, ṣùgbọ́n ètò náà ń wá yàrá 256, èyí tí kò sí. Ètò tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ àwòrán ló ṣe é. sRGB ló ń retí, àmọ́ irú àwọ̀ mìíràn ni àwòrán yìí gbé wá, ìṣirò sì kọjá 255.

Kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo fóònù? Tí a bá to ìròyìn wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ kọ́ ló so wọ́n pọ̀, Android 10 ni. Android 11 ti ń yí àwọ̀ náà padà sí sRGB kó tó lò ó.

Nítorí náà, bí o bá ń fi ẹjọ́ fóònù sùn, sọ irú fóònù náà, má sì gbàgbé nọ́ńbà Android rẹ̀.