Fáwẹ́lì wo la pa jẹ?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ á rántí ìbéèrè yìí: kí ló dé tí "ní" àti "ọjà" fi di "lọ́jà", tí "ní" àti "owó" di "lówó", àmọ́ tí "ní" àti "ilé" di "nílé"?

Ìdáhùn tí mo máa ń rí jù ni: "A pa fáwẹ́lì kan jẹ, n wá di l níwájú fáwẹ́lì tí kì í ṣe i." Kò burú, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ gbé e fún ẹni tí ẹ jọ wà ní kíláàsì kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, fáwẹ́lì wo la pa jẹ? Ẹ ò kọ ọ́ síbẹ̀.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé, tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ní ẹ̀rí tirẹ̀.

Ìkíní: nínú "lọ́jà", fáwẹ́lì "ní" la pa jẹ. Ẹ̀rí: ọ ṣì wà níbẹ̀, i ò sí mọ́.

Ìkejì: ohùn òkè tó wà lórí "ní" kò bá fáwẹ́lì rẹ̀ lọ. Ẹ̀rí: ohùn àárín ni ọ ní nínú "ọjà", ó di ohùn òkè nínú "lọ́jà".

Ìkẹta: fáwẹ́lì àránmúpè ló wà nínú "ní", bí àkọtọ́ ò tiẹ̀ fi hàn. Ẹ̀rí: ẹ pe "ní", ẹ fa fáwẹ́lì rẹ̀ gùn, kí ẹ wá fi ìka di imú, ìró náà á yí padà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún "lí" inú "lílọ". Kò ní yí.

Ìkẹrin: n ló máa ń ṣáájú fáwẹ́lì àránmúpè, l ló máa ń ṣáájú àìránmúpè. Ẹ̀rí: yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àyálò, a kì í rí n níwájú fáwẹ́lì àìránmúpè. Ìdí nìyẹn tí n fi di l nínú "lọ́jà" àti "lówó".

Ìkarùn-ún: i kan ṣoṣo ló kù láàárín n àti l nínú "nílé". Tó bá jẹ́ i ti "ilé" ni, àìránmúpè ni, ìgbésẹ̀ kẹrin á sì fún wa ní "lílé". Kò sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ tó bá ń sọ ibi tó wà. Nítorí náà, i ti "ilé" la pa jẹ. Ti "ní" ló kù.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Nínú "lọ́jà", fáwẹ́lì ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló lọ. Nínú "nílé", ti ọ̀rọ̀ kejì ni. Gbólóhùn "a pa fáwẹ́lì kan jẹ" ti bo ìyàtọ̀ yìí mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ẹ tún kọ ìgbésẹ̀ tí òmíràn gbára lé. Ìkẹrin ni ìkarùn-ún dúró lé. Bí ẹnì kan bá mú ọ̀rọ̀ wá láti inú ẹ̀ka èdè tirẹ̀, tí n ṣáájú fáwẹ́lì àìránmúpè nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì á mì, ṣùgbọ́n mẹ́ta àkọ́kọ́ á ṣì dúró. Òun náà á mọ ibi tó yẹ kó fọwọ́ tọ́ka sí, kò ní sọ pé gbogbo iṣẹ́ yín ni kò dáa.