Nígbà Tí Etí Bá Ń Dun Ọmọ Tí Kò Tíì Lè Sọ̀rọ̀

Ọ̀fìnkìn ti ń ṣe ọmọ oṣù 18 kan. Lóru, ara rẹ̀ gbóná. Bí ìyá rẹ̀ bá ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ báyìí, ẹkún ni. Ó ń fa etí, kò sì fẹ́ jẹun.

Etí fífà nìkan kò tó ẹ̀rí. Dókítà ní láti tan iná wo inú rẹ̀: bí awọ ìlù etí bá pọ́n, tó sì wú síta, àìsàn ti wọ ibẹ̀.

Parasitámọ̀ tó bá ìwọ̀n ọmọ mu ló ń dín ìrora kù. Bí kò bá le, dókítà lè ní kí wọ́n ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 2 sí 3. Bí ọyún bá ń jáde, amọsisílìnì ló sábà máa ń tẹ̀lé e.

Ẹ má da òróró sí i o. Bí ẹ̀yìn etí bá wú, ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.