Ìpín aláìsàn ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì

Ìpín aláìsàn ni ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì ń gbà mọ ẹni tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú. Fún ọmọdé, ìpín mẹ́ta ni ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní: pàjáwìrì, ẹni tí a ó yára rí, àti ẹni tí ó lè dúró.

Ká ní wọ́n gbé ọmọ méjì dé láti Àtòsìn, ní Ìdànrè. Omi gbígbóná bó ọ̀kan lápá, ó ń ké. Èkejì ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ó dákẹ́. Nọ́ọ̀sì tẹ èékánná èkejì títí ó fi funfun. Nígbà tí ó tú u sílẹ̀, ó ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, iṣan rẹ̀ ń lù kíákíá láìlágbára. Pàjáwìrì ni. Ẹni tí ó ń ké bọ́ sí ìpín kejì: igbe rẹ̀ fi hàn pé ọ̀nà èémí rẹ̀ ṣí. Òtútù ojú ọjọ́ nìkan lè fa ìdádúró ẹ̀jẹ̀, nítorí náà àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń wò papọ̀.