Ṣé Ìpolówó Ló Mú Oníbàárà Wá?

Ká ní oníṣòwò aṣọ kan ná ₦400,000 lórí ìpolówó Fesibúùkù, tí 600 nínú àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wọn sì ra aṣọ. Lójú rẹ̀, nǹkan bíi ₦667 ló fi mú oníbàárà kọ̀ọ̀kan wá. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni ì bá ti rà á bí kò tilẹ̀ sí ìpolówó?

Kó tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti wá ìdáhùn. Kó pín 100,000 ènìyàn sí méjì ọgbọọgba láìṣẹ̀ṣà, kí ìdajì rí ìpolówó, kí ìdajì má rí i. Bí 600 bá rà lápá kìn-ín-ní, tí 500 sì rà lápá kejì, 100 péré ni ìpolówó mú wá, ₦4,000 lórí ẹnì kan. Bí èrè orí aṣọ kan bá jẹ́ ₦3,000, àdánù ni.

Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń rajà, ìlú ni kó pín: kó wá ìlú méjì tí ọjà wọn ti jọ ń lọ sókè sódò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó polówó ní ọ̀kan. Kó má dín owó ọjà kù ní ìlú kan ṣoṣo, nítorí kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Bí iye tó rà bá sì kéré, bíi 12 sí 10, ó lè jẹ́ èèṣì lásán. Kó jẹ́ kí ìdánwò náà pẹ́ sí i.