Gìtá Wo Ni Hendrix Gbé Kọ́rùn Yìí?

Ẹ wo fọ́tò Jimi Hendrix ní Woodstock, ní òwúrọ̀ ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1969. Gìtá funfun ló gbé kọ́rùn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ sọ orúkọ gìtá náà fún yín, ojú yín lè dá a mọ̀. Ibi mẹ́ta lẹ ó wò: ara, orí, àti píkọ́ọ̀pù, ìyẹn àwọn òòfà abẹ́ okùn tó ń sọ gbígbọ̀n okùn di iná mànàmáná.

Ara la kọ́kọ́ ń wò. Níbi tí ọrùn gìtá ti wọnú ara, wọ́n máa ń gbẹ́ igi kúrò kí ọwọ́ lè ráyè, èyí tó bá ṣẹ́ kù á wá yọ bí ìwo. Telecaster ní ìwo kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ náà ni Les Paul tó wọ́pọ̀. Ti Hendrix ní méjì, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n SG tí Gibson ń ṣe náà ní ìwo méjì, torí náà ó kù.

Ẹ bọ́ sí orí. Lórí SG, èèkàn tí a fi ń fa okùn le tò ní mẹ́ta-mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lórí ti Hendrix, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orí náà sì fẹ̀, bí Fender ṣe ń ṣe é láti ìparí ọdún 1965; ti ọdún 1954 tí Stratocaster kọ́kọ́ jáde kéré sí i.

Ó ku píkọ́ọ̀pù. Mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ ni, èyí tó kẹ́yìn sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Stratocaster nìyẹn.

Àmọ́ ìwo gígùn tó yẹ kó wà lókè ló wà nísàlẹ̀, èèkàn sì dojú kọlẹ̀. Ṣé wọ́n yí fọ́tò náà padà ni, bí ìgbà tí èèyàn wo dígí? Rárá. Bí wọ́n bá yí fọ́tò padà, ìwo gígùn kò ní kúrò lókè, lẹ́tà orí gìtá ni yóò kọ sẹ́yìn. Alòsì ni Hendrix. Gìtá àwọn alọ́tùn-ún ló dorí rẹ̀ kodò, tó sì tún okùn rẹ̀ tò.

Ibi tí fọ́tò mọ nìyí. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe àwòkọ Stratocaster. Yàtọ̀ sí èyí, ìdè mẹ́rin péré ló so ọrùn rẹ̀ mọ́ ara, èèyàn sì lè tú ọrùn ọdún 1970 kó fi sára ti ọdún 1962. Orí ńlá lára ara àtijọ́ yóò ṣi yín lọ́nà. Fọ́tò lè fi ìdílé gìtá hàn yín. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ tú ọrùn náà, kó wo ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀.