Ìtàn Kún, Ìdáhùn Kò Sí

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan tí olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn lè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì: kí ló fa ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé? Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìtàn dunjú á bẹ̀rẹ̀ láti orí Baṣọ̀run Gáà, tó sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lórí Aláàfin títí Abíọ́dún fi borí rẹ̀ ní 1774. Á sọ bí Aólẹ̀ ṣe gorí ìtẹ́ lẹ́yìn Abíọ́dún, bó ṣe ní kí ogun lọ bá Ìwéré-Ilé, tí àwọn ìjòyè fi yíjú padà sí i, tí wọ́n gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i pé kó kú. Á dé orí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó gba Ìlọrin mọ́ Aláàfin lọ́wọ́, tó ké sí Álímì, tí àwọn ọmọ ogun tó kó jọ fúnra rẹ̀ sì wá pa á. Á parí rẹ̀ sí bí ìlú ṣe tú ní nǹkan bí 1836, tí Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà.

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ìwé á padà dé pẹ̀lú máàkì 54, olùkọ́ á sì ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé àpèjúwe pọ̀ jù. Inú á bí akẹ́kọ̀ọ́. Á ní kí wọ́n fi ibi tí òun ti ṣì í han òun.

Kò ṣì í níbì kankan, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yẹn fi máa ń dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ni kí ló fà á. Ohun tó dáhùn ni kí ló ṣẹlẹ̀. Gáà, Aólẹ̀, Àfọ̀njá àti Álímì tò tẹ̀lé ara wọn bí ọdún ṣe tò wọ́n, gbogbo wọn sì gba ààyè kan náà. Ta nínú wọn ni ọ̀ràn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù? Bí a bá yọ Álímì kúrò, ṣé Ọ̀yọ́ Ilé á ṣì wó? Akẹ́kọ̀ọ́ fi ìpinnu yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ń kà á, bẹ́ẹ̀ ìpinnu yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fún un ní máàkì lé lórí.

Ọ̀nà kan wà tí ènìyàn fi lè yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò kó tó fi sílẹ̀. Kó ka gbólóhùn tó ṣáájú nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé “lẹ́yìn náà”, “nígbà tó yá” tàbí “ní ọdún báyìí” ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀, ìtàn ló sọ. Kó tún bi ara rẹ̀ pé, ta ló lè ka gbólóhùn yìí tó máa sọ pé òun kò gbà? Kò sẹ́ni tó máa bá ènìyàn jiyàn pé Aólẹ̀ jọba lẹ́yìn Abíọ́dún. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ta kò, kò nílò ẹ̀rí, ibi tí kò sì ti nílò ẹ̀rí, àríyànjiyàn kò sí níbẹ̀.

Mi ò dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi púpọ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹni tó bá to ìṣẹ̀lẹ̀ pé pérépéré, tí kò gbàgbé orúkọ kankan, òun ni wọ́n ń yìn. Èyí tí a sì pè ní àròkọ alárìíyànjiyàn níbẹ̀, yíyan ìhà kan ni, kí a sì tò ó lẹ́yìn kíkankíkan. Yunifásítì ń béèrè ohun mìíràn: kí o sọ èrò kan, kí o gbé ẹ̀rí kalẹ̀ fún un, kí o sì fúnra rẹ wá ohun tó lè bì í ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀ lórí Ọ̀yọ́ Ilé. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ ọ́ sí òkè pé ọ̀nà tí Abíọ́dún gbà bọ́ lọ́wọ́ Gáà ló ṣí ilẹ̀kùn ìṣubú. Gbólóhùn yẹn ṣeé jà lé lórí, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ń wí ni pé ìgbà Abíọ́dún ni ayé dára jù. Ẹ̀rí rẹ̀ dà? Nínú ìwé ìtàn tí Sámúẹ́lì Johnson parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ìlú Àjàṣẹ́ ni Abíọ́dún lọ, lọ́dọ̀ Ọ̀yábí tó jẹ́ Kakaǹfò, láti gba ìrànwọ́. Ogun tó ti ìgbèríko wá ló fi ṣẹ́gun ìjòyè tó lágbára jù láàfin. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó jẹ́ Kakaǹfò mọ̀ pé ọwọ́ òun lè yí ohun tó ń lọ ní olú ìlú padà. Nígbà tí Àfọ̀njá kọ̀yìn sí Aólẹ̀, ojú ọ̀nà náà ti là.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó dára ti ń dúró, ó sì kù díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínjógbìn ti wí ní 1966 pé ọmọ ogun Ọ̀yọ́ ló rọ nígbà Abíọ́dún, ó sì ṣeé tọ́ka sí i pé àwọn Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ ní 1783. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ti Ọ̀yábí níbẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ó lè ní bó bá jẹ́ àìlágbára ogun nìkan ni, àwọn tó ń sìn ní ọ̀nà jíjìn ni ì bá kọ́kọ́ bọ́, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 1823 ni Gẹ́zò tó kọ̀ láti san ìṣákọ́lẹ̀ Dàhòmì, lẹ́yìn tí ikú Aólẹ̀ ti lé ní ogún ọdún. Àárín ilé ló kọ́kọ́ là. Ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀gbá ti bọ́ tẹ́lẹ̀ lábẹ́ Líṣàbí, ìyẹn sì ń ta ko èrò rẹ̀. Kó má fi pamọ́. Kó dín ohun tó ń sọ kù: àìlágbára ogun lè ṣàlàyé bí Ẹ̀gbá ṣe lọ, kò ṣàlàyé ìdí tí Kakaǹfò fi kọ̀yìn sí Aláàfin rẹ̀. Olùkọ́ tó bá ka gbólóhùn yẹn lè má gbà, ṣùgbọ́n á rí i pé ẹni tó ń ronú ló kọ ọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìtàn náà. Ọ̀yábí, tí kò sí nínú àkọ́kọ́ rárá, ti gba odidi ojú ìwé kan. Àtìbà ti di gbólóhùn kan ṣoṣo. Ọfà mẹ́ta tí Johnson ní Aólẹ̀ ta nígbà tó ń ṣépè, tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti fi kún ìwé, ṣì lè dúró, bó bá lò ó láti fi hàn pé àwọn tó sọ ìtàn fún Johnson gbà pé ìjà olórí pẹ̀lú ìjòyè ni ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kó yọ ọ́, bó ti wù kó dùn tó.

Àpèjúwe kan wà tó máa ń fara pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbọ́ ìbáwí á lọ kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ: Akínjógbìn sọ báyìí, Robin Law, tó kọ ìwé lórí ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ ní 1977, sọ báyìí. Èrò àwọn ẹlòmíràn ló wá ń tò báyìí dípò ìṣẹ̀lẹ̀. Kíkọ “mo gbà pé” káàkiri kò tún un ṣe pẹ̀lú. Àyàfi tó bá sọ èyí tí ẹ̀rí gbè lẹ́yìn nínú wọn, àti ìdí rẹ̀, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà.

Ìbéèrè kan sì wà tó ń fẹ́ àpèjúwe ní tòótọ́. Bí wọ́n bá ní kí ó ṣàpèjúwe ipò Ọ̀yọ́ Mèsì nínú ìjọba, kó to àwọn ìjòyè méjèèje, kó sọ iṣẹ́ wọn, máàkì rẹ̀ wà níbẹ̀. Kó wo ọ̀rọ̀ ìṣe inú ìbéèrè náà kó tó gbé bírò.