Ìlà Kan Dúró fún Kí Ni?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà a máa kánjú láti kọ ìbéèrè sí dátábéèsì, nítorí pé ibẹ̀ ni èsì ti ń jáde lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ bá wọn sọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ la gbé kalẹ̀ síhìn-ín. Ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ pa kọ̀ǹpútà yín dé ná.

“Ká mú yàrá ìkàwé kékeré kan, tí olùtọ́jú rẹ̀ ní tábìlì kan ṣoṣo. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, àkọlé ìwé, òǹkọ̀wé, ọjọ́ yíyá àti ọjọ́ ìdápadà. Ìwé tí Brian Kernighan àti Dennis Ritchie jọ kọ lórí èdè C lọ́dún 1978 wà níbẹ̀, ẹ̀dà mẹ́ta. Èèyàn méjì ló kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ àyè òǹkọ̀wé kan péré ló wà lórí ìlà. Olùtọ́jú wá ń kọ ìlà méjì fún yíyá kan, kí ẹni tó bá ń wá Kernighan lè rí i, kí ẹni tó bá ń wá Ritchie náà rí i. Bọ́lá yá ẹ̀dà kan, Ṣẹ́gun yá òmíràn. Ìlà mẹ́rin ti wọlé nìyẹn. Ẹ wá bi í pé ìwé mélòó ló wà níta:

```sql
SELECT COUNT(*) FROM yiya
WHERE ojo_dapada IS NULL;
```

“Mẹ́rin ni yóò sọ. Ẹ̀dà méjì ló sì wà níta. Kò sí àṣìṣe nínú ohun tí ẹ kọ, kọ̀ǹpútà kò sì ní pariwo. Ohun tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: èsì tí kò tọ́ máa ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ bí èyí tó tọ́.”

Ọ̀kan nínú wọn nawọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ò lè fi `DISTINCT` sí àkọlé, kó má baà ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì?”

“Ẹ ṣeun. Àkọlé kan náà ni Bọ́lá àti Ṣẹ́gun yá, nítorí náà ọ̀kan ni yóò sọ. A ti kúrò ní mẹ́rin, a dé ọ̀kan, a fo èjì tó jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá so orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ àkọlé, ẹ ó rí èjì lónìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Ṣẹ́gun méjì bá wà nínú kíláàsì, tí àwọn méjèèjì sì yá ìwé náà, kọ̀ǹpútà yóò pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan.

“Ìbéèrè kọ́ ló ní àléébù. A ò tíì pinnu ohun tí ìlà kan dúró fún ni. Ṣé ìwé ni, àbí ẹ̀dà, àbí yíyá? Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ àwọn nǹkan tó wà ní yàrá ìkàwé yìí sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìwé, ẹ̀dà, òǹkọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́, yíyá. Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn ní méjì-méjì, kí ẹ béèrè pé ẹyọ kan níhìn-ín lè bá mélòó tan lọ́hùn-ún. Ìwé kan lè ní ẹ̀dà púpọ̀, ẹ̀dà kan kì í sì í ju ìwé kan lọ. Nọ́ńbà ìwé yóò wà lára ẹ̀dà, ó parí. Ìwé kan lè ní òǹkọ̀wé púpọ̀, òǹkọ̀wé kan náà sì lè kọ ìwé púpọ̀. Èyí kò ṣeé há sínú tábìlì ìwé tàbí ti òǹkọ̀wé. Tábìlì kẹta ni yóò dúró láàárín wọn, tí ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á máa sọ pé ẹni báyìí wà lára àwọn tó kọ ìwé báyìí. Yíyá ní tirẹ̀ á mú nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ kan, nọ́ńbà ẹ̀dà kan, àti ọjọ́ méjèèjì.

“Ẹ wá padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀. Èjì ni yóò sọ.

“Báyìí náà ni ìtàn rẹ̀ ṣe rìn. Lọ́dún 1970 ni Edgar Codd, òṣìṣẹ́ IBM, tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde lórí bí a ṣe lè to dátà sínú tábìlì. Ọdún 1974 ni Donald Chamberlin àti Raymond Boyce tó gbé èdè ìbéèrè tí a ń pè ní SQL lónìí jáde. Lọ́dún 1976, Peter Chen fi irú àwòrán tí ẹ fẹ́ yà yìí hàn.

“Kí ẹ tó dá tábìlì kankan sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kọ àkọsílẹ̀ gidi bíi mẹ́ta sórí bébà náà, kí ẹ mú èyí tó le jù: ìwé olóǹkọ̀wé méjì, ẹni tó yá ẹ̀dà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń kọ ohun kan náà síbi méjì, tàbí pé ẹ ń fi àmì kọ́mà kó orúkọ méjì sínú àyè kan, ìlà yín ṣì ń dúró fún ohun méjì. Ẹ tún un yà nígbà yẹn, torí ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, ìbéèrè kò lè mú un jáde. Olùtọ́jú wa kò kọ nọ́ńbà ẹ̀dà rí. Bí ẹ̀dà kan bá padà wálé láìní ojú ewé mẹ́wàá, kò sí bí a ṣe lè béèrè kí tábìlì yẹn sọ ẹni tó yá a kẹ́yìn.”

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tún béèrè ibi tí wọn yóò kọ ọ́ sí bí ìwé kan bá jẹ́ èyí tí a kì í gbé jáde.

“Ṣé gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ ni, àbí ọ̀kan péré tí wọ́n dì mọ́ tábìlì? Bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, ara ìwé ni. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré, ara ẹ̀dà ni. Ẹ lọ bi olùtọ́jú kí ẹ tó yà á.”